Ẹgbàárùn-ún Ọjọ́: Ọjọ́ Wo Gan-an Lo Pé E?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ètí kan gbọ́ wa, tí ẹ ń fi ètí kejì gbọ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, a ò ní tú àṣírí yín.

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti orí kéèkì. Àbúrò mi obìnrin, èyí tó kẹ́yìn wa, ló rí i lórí fóònù pé àwọn kan máa ń ṣe ọjọ́ ìbí nípa kíka ọjọ́ dípò ọdún. Kì í ṣe pé wọ́n pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ọjọ́ tí wọ́n pé 10,000 ọjọ́ láyé ni wọ́n ń ṣe. Ó ní òun náà máa ṣe tòun. Bọ̀ọ̀dá wa, tó jẹ́ àkọ́bí, ní òun á san owó kéèkì. Ó wo áàpù kan lórí fóònù rẹ̀, ó rí ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2026, ó sì san ìdajì owó fún ẹni tó ń ṣe kéèkì, pẹ̀lú déètì tí wọn yóò kọ sórí rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi wo áàpù tirẹ̀, ọjọ́ 4 ló rí.

Ẹ lè ní ọjọ́ kan péré ni, kí ló ní ìjà nínú? Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2026 ni Ọjọ́ Ẹtì Rere. Màámi ní nínú ilé òun, ẹnikẹ́ni ò ní fọn fèrè ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Bọ̀ọ̀dá ní òun kọ́ ló yan ọjọ́, fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ní fóònù tòun náà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe yíjú sí mi nìyẹn, pé èmi tí mo máa ń ṣe àlàyé fún gbogbo ayé lórí pọ́díkáàsì, kí n wá là á. Bí mo ṣe là á ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Yorùbá ní orúkọ fún 10,000. Ẹgbàá ni 2,000. Ẹgbàá lọ́nà márùn-ún ni ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000. Tó o bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ọ̀kẹ́ kan nìyẹn, 20,000, iye owó ẹyọ tó ń kún àpò kan láyé àtijọ́. Nítorí náà, ẹgbàárùn-ún ọjọ́ kì í ṣe iye àjèjì sí wa. Ó jẹ́ ìdajì àpò.

Ní ọdún, ó tó bí ọdún 27 àti oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 28 ti kọjá tirẹ̀. Tèmi kọjá ní ọdún 2023, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mò ń tò fún epo lọ́jọ́ náà. Àmọ́ "oṣù mẹ́rin ààbọ̀" kò ní jẹ́ ká mọ ọjọ́ tí wọn yóò kọ sórí kéèkì. Ọjọ́ gan-an là ń wá.

Mo mú pépà. Wọ́n bí àbúrò mi ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1998, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi ọdún 27 kún un, kò tíì kan ọjọ́ rárá. Ìyẹn gbé wa dé ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín méjèèjì? Ọdún 27 lọ́nà 365 jẹ́ 9,855. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀, nítorí àwọn ọdún kan wà tí oṣù kejì wọn ní ọjọ́ 29. Ọjọ́ àfikún kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á mú 27, wọ́n á fi 4 pín in, wọ́n á rí 6 àti díẹ̀, wọ́n á sì mú 6. Ẹ má pín in o. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ tí wọ́n bí i sí ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọjọ́ 29 oṣù kejì wáyé ní 2000, 2004, 2008, 2012, 2016, 2020 àti 2024. Méje ni. Ká ní ọdún 2000 ni wọ́n bí i, ní oṣù kọkànlá yẹn kan náà, ọjọ́ 29 ti ọdún 2000 ì bá ti kọjá kó tó dáyé, mẹ́fà ni ì bá sì jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọdún 27 náà ni àwọn méjèèjì lò.

Bọ̀ọ̀dá tún fẹ́ bá mi jiyàn níbẹ̀. Ó ní wọ́n kọ́ òun pé ọdún tó bá parí sí òdo méjì kì í ní ọjọ́ 29. Ó gba ìdajì máàkì. Ọdún 1900 kò ní in, ọdún 2100 kò sì ní ní in. Ṣùgbọ́n ọdún tí 400 bá lè pín láìṣẹ́kù máa ń ní in, ọdún 2000 sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà, fún ẹnikẹ́ni tó lè gbọ́ ètò yìí lónìí, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni, kò fò rárá.

9,855 àti 7 jẹ́ 9,862. Ó ku 138 ká tó pé 10,000. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti ọdún 2025, ó ṣì máa rin ọjọ́ 138 sí i. Ẹ jẹ́ ká bá a rìn ín, oṣù kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ 17 sí ìparí oṣù kọkànlá, ọjọ́ 13. Oṣù kejìlá, 31, ó di 44. Oṣù kìíní, 31, ó di 75. Oṣù kejì ọdún 2026 kò ju 28 lọ, ó di 103. Oṣù kẹta, 31, ó di 134. Ó ku 4. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ oṣù kejì yẹn dáadáa. Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, tí òun máa rin 139 tirẹ̀ láti ìparí ọdún 2027 bọ́ sí 2028, máa kan oṣù kejì tó ní ọjọ́ 29. Ẹni tó bá gbàgbé ọjọ́ yẹn á wọ ọjọ́ kan síwájú. Ọjọ́ àfikún máa ń sá pamọ́ sí ibi méjì: sínú ọdún 27 àti sínú ìyókù. Ibi kejì ni wọn kì í wò.

Tó o bá ti rí ọjọ́ rẹ, ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú kan. Pín 10,000 sí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọ̀sẹ̀ 1,428 ni, ó ṣẹ́ ku ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹgbàárùn-ún ọjọ́ rẹ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn irú ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí àbúrò mi. Ka mẹ́rin síwájú: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2026 sì jẹ́ Àbámẹ́ta. Tó bá jẹ́ Ẹtì ló bọ́ sí, ìyẹn á sọ fún ọ pé ọjọ́ kan ti jábọ́ níbì kan.

Àbúrò mi ti ń jó. Màámi ti ń yin Olúwa. Bọ̀ọ̀dá ní kí a dúró ná: ṣé áàpù tòun wá ń purọ́ ni? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí áàpù Bọ̀ọ̀dá kò purọ́. Ó kà á bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ka ọjọ́ ni.

Ẹ wò ó. Ìgbà wo ni à ń sọ ọmọ lórúkọ? Ní ọjọ́ kẹjọ. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17, ni wọ́n bí àbúrò mi. Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 24, ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fi 17 kúrò nínú 24. Méje ni, kì í ṣe mẹ́jọ. Ibo ni ìkẹjọ ti wá? Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n kà sí ọjọ́ kìíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún: tí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni wọn yóò tún ná an, nítorí òní ti wà nínú márùn-ún náà. Ìtàdógún tí ẹgbẹ́ ń pé, ẹ̀tàdínlógún lorúkọ rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló ń lò. Kódà ìjẹta: ẹ̀ta ló wà nínú orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àná ni, ìyẹn ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Òní, àná, ìjẹta. Òní wà nínú kíkà.

Áàpù Bọ̀ọ̀dá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó pe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ kìíní, ó wá bá ọjọ́ tó jẹ́ ìkẹgbàárùn-ún ní ọjọ́ Ẹtì. Áàpù àbúrò mi kà á bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí: ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, kò tíì lo ọjọ́ kankan, òdo ni. Ní ọjọ́ kejì ló tó pé ọjọ́ kan. Nínú àwọn áàpù kan àti àwọn ojú ìwé tó ń ṣe ìṣirò yìí, ẹ máa rí àpótí kékeré kan tó ń bi yín bóyá kí wọ́n ka ọjọ́ ìkẹyìn mọ́ ọn. Àpótí yẹn ló ń fa ìyàtọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn kò ní bi yín rárá, wọ́n á kàn mú ọ̀kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín? Ẹ fi déètì òní sí i bí ọjọ́ ìbí. Tó bá ní ọjọ́ òdo ni yín, ó ń ka ọjọ́ tí ẹ ti lò. Tó bá ní ọjọ́ kan, ó ń kà á bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Èwo wá ni ká mú? Mo bi àbúrò mi pé kí ló fẹ́ ṣe gan-an. Ó ní ọjọ́ tí òun bá "pé" ẹgbàárùn-ún ọjọ́. Ọ̀rọ̀ náà ló dá ẹjọ́ ọ̀hún. Ọjọ́ Ẹtì ni ó ń gbé inú ọjọ́ ìkẹgbàárùn-ún lọ́wọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó lò ó tán. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ọgbọ̀n ọdún nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọdún ọgbọ̀n rẹ̀. Ìgbà tó bá pé é ni. Màámi tún fi kún un pé agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni òun bí i, nítorí náà bí a bá ní ká ka wákàtí, alẹ́ Àbámẹ́ta lẹgbàárùn-ún yẹn máa pé pérépéré. Bọ̀ọ̀dá pe ẹni tó ń ṣe kéèkì. Ìyẹn kò tíì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun. Wọ́n yí 3 sí 4, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ pépà, fóònù yín lè ṣe é láì sí áàpù àjèjì kankan tó ń bèèrè ọjọ́ ìbí yín. Ẹ ṣí Google Sheets, ẹ tẹ èyí sínú àpótí kan, kí ẹ fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ tiyín rọ́pò:

```
=TEXT(DATE(1998,11,17)+10000,"dddd dd/mm/yyyy")
```

Tí ètò ìwé ìṣirò yín bá wà lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò fún yín ní Saturday 04/04/2026. Ẹ rí i pé ó sọ irú ọjọ́ tó jẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ lè fi ka mẹ́rin bí mo ṣe sọ. Tó bá jẹ́ iye ọjọ́ tí ẹ ti lò títí di òní lẹ fẹ́ mọ̀, èyí ni:

```
=TODAY()-DATE(1998,11,17)
```

Ohun méjì ló lè dẹ́rù bà yín. Ìwé ìṣirò yìí kì í rántí déètì bí àwa ṣe ń rántí rẹ̀. Iye lásán ló ń tọ́jú, iye ọjọ́ láti ìparí ọdún 1899. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1998 jẹ́ 36116 lójú rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá fi 10,000 kún déètì, tó sì fún yín ní 46116, kò ṣìṣe. Déètì náà nìyẹn láì wọ aṣọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ iye ọjọ́, tó wá fún yín ní ọjọ́ kan ní ọdún 1927, iye ló wọ aṣọ déètì. Ẹ yí ìrísí àpótí náà padà sí nọ́ńbà tàbí sí déètì, ó parí.

Ohun kejì burú jù ú lọ, nítorí kì í pariwo. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1998 lè tẹ 4/7/1998. Tí ìwé ìṣirò rẹ̀ bá wà lórí ètò ti Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti ń ṣáájú, á kà á sí ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Kò ní sọ pé àṣìṣe wà. Á kàn fún un ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2025 dípò ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ 88 ló fi ṣìnà yẹn. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí oṣù kẹtàdínlógún, àpótí náà á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ọjọ́ ìbí yín kò ju 12 lọ ni ewu wà fún. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lo DATE nìyẹn: ọdún, oṣù, ọjọ́, kò sí fóònù tó lè yí i padà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Màámi wá bi wá pé: "Èmi ńkọ́? Ẹ ò ka tèmi?"

Bọ̀ọ̀dá mú ìwé ìbúra ọjọ́ orí Màámi jáde. Ó wà níbẹ̀: ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1971. Mo fi 20,000 kún un, torí tiwọn ti kọjá ẹgbàárùn-ún, ọ̀kẹ́ kan ni wọ́n ń lọ. Ó bọ́ sí ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2026. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ti àbúrò mi! Gbogbo wa pariwo. Màámi nìkan ni kò pariwo. Wọ́n ní: "Ọjọ́ yẹn, akọ̀wé kóòtù ló bá mi mú un."

Ṣé ẹ rí i, ìṣirò yìí kò lè mọ́ ju ọjọ́ ìbí tí ẹ fún un lọ. Ìwé ìrìbọmi Màámi sọ oṣù keje ọdún 1971, kò sọ ọjọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọṣẹ́, akọ̀wé ní àlàfo ò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ó sì kọ 12 sí i. Fóònù kò mọ̀. Ó fún wa ní ọjọ́ 14 tọkàntọkàn, bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn. Ohun tí a lè sọ ní òtítọ́ ni pé tó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ni wọ́n bí Màámi, ọ̀kẹ́ kan wọn á bọ́ sáàárín ọjọ́ 3 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún. Odidi oṣù kan. Ẹni tí kò mọ̀ ju ọdún lọ, odidi ọdún kan ni tirẹ̀ máa fẹ̀ tó.

Mo bi Màámi bóyá ohun mìíràn wà tí Ìyá Àgbà sọ fún wọn nípa ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ó máa ń sọ pé ọjọ́ ọjà ni. Orí àtẹ ni ìrọbí ti mú un."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju ìwé kóòtù lọ. Ọjà ìlú wọn, ọlọ́jọ́ márùn-ún ni títí di òní. Ní kíkà ti fóònù, mẹ́rin mẹ́rin ni. 20,000 sì ṣeé pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ ọjà máa pé ọ̀kẹ́ kan ní ọjọ́ ọjà. 10,000 náà ṣeé pín sí mẹ́rin, nítorí náà bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbàárùn-ún. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje máa ń ṣẹ́ ku mẹ́rin, àmọ́ ọ̀sẹ̀ àwọn bàbá wa kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ọjọ́ Ògún tí wọ́n bí ọ ni ọjọ́ Ògún tí wàá pé e.

A pe àbúrò Màámi tó ṣì ń gbé nílùú, a bi wọ́n ìgbà tí wọ́n ná ọjà kẹ́yìn. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23 oṣù kẹta. Mo fi mẹ́rin mẹ́rin rìn síwájú: 27, 31, lẹ́yìn náà ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, 8, 12, 16. Ẹ ti rí i. Ọjọ́ 14 kò sí níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà bá jẹ́ òótọ́, tí ìlú kò sì sún ọjọ́ ọjà síwájú tàbí sẹ́yìn rí láti ọdún 1971, ọjọ́ tí akọ̀wé yẹn kọ kò lè jẹ́ ọjọ́ ìbí Màámi. Ọjọ́ ọjà mẹ́jọ ló wà nínú oṣù kan yẹn: 4, 8, 12, 16, 20, 24 àti 28 oṣù kẹrin, àti ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún. Láti ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, a ti dé orí mẹ́jọ.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ló ṣáájú nínú wọn, ọjọ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òun ni, a jẹ́ pé ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1971 ni wọ́n bí Màámi, àti pé ọjọ́ tí Màámi pé ẹgbàárùn-ún ọjọ́ láyé gan-an ni wọ́n bí i.

Mo sọ fún wọn pé ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni, a ò lè fi búra. Màámi ní àwọn ò ní kí n búra. Wọ́n ní láti ìgbà tí akọ̀wé ti yan ọjọ́ fún àwọn láì bi àwọn, àwọn náà fẹ́ yan tàwọn, kó sì jẹ́ ọ̀kan tí ọjà fọwọ́ sí. Ní Àbámẹ́ta yẹn, déètì kan ló wà lórí kéèkì Bọ̀ọ̀dá, àmọ́ orúkọ méjì ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú 10,000 lábẹ́ ọ̀kan àti 20,000 lábẹ́ èkejì.

Ó tó báyìí. Kí ẹ tó fi déètì tiyín ránṣẹ́ sí wa, ẹ ka mẹ́rin láti irú ọjọ́ tí wọ́n bí yín, kí ẹ rí i pé ó bá a mu. Tí àwọn òbí yín kò bá mọ ọjọ́ tiwọn, ẹ bi wọ́n bóyá ọjọ́ ọjà ni. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́, kí ẹ sọ ọjà ìlú tó jẹ́ fún wa. Ó dìgbà kan ná.